Ẹyẹ kékeré búráùn láàrin àwọn olórí dúdú: ṣé abo ni àbí ọmọ?

Tọ́lá_Ìṣẹ́yìn
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi wo fótò yìí, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìṣẹ́yìn níbí ni mo ti yà á láti ojú fèrèsé, ìparí oṣù kẹsàn-án, lórí koríko eéran tó ti so. Ẹyẹ mẹ́fà ni, wọ́n kéré gan-an. Mẹ́ta lórí dúdú tínú wọn funfun, méjì búráùn lásán látòkè délẹ̀, ẹ̀kẹfà fara pamọ́ sẹ́yìn ewé. Mo fẹ́ mọ orúkọ wọn, kí n sì mọ èwo lakọ èwo labo. Èmi rò pé àwọn búráùn yẹn labo, àbí oríṣi ẹyẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n?

Alàgbà_Olókè
Ọmọ mi, ìyẹn ò le rárá. Nínú ẹyẹ, akọ ló ń ṣe fáàrí, abo ló ń wọ aṣọ iṣẹ́. Wo ẹ̀ga tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ, akọ ló yẹ́lò tó lórí dúdú, abo rẹ̀ kàn rí ràkọ̀ràkọ̀ ni. Wo ọ̀kín. Wo àkùkọ pàápàá. Nítorí náà àwọn olórí dúdú mẹ́ta yẹn akọ ni wọ́n, àwọn búráùn méjì labo. Tọkọtaya méjì, akọ kan ṣẹ́kù tó ń wáyàwó. Kí la tún ń wá?

Olóko_Ìwó
Ṣé àwọn tó ń jẹ ìrẹsì wa nìyẹn? Akọ o abo o, gbogbo wọn ló lẹ́nu. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì tójú rẹ̀ kéré, ẹ ta á bo oko kí ìrẹsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lómi funfun nínú, tó bá ti gbó tán ẹ ti pẹ́. Ẹni tó bá fi agolo àti okùn lé wọn, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rù ẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á máa bà lé agolo yẹn gan-an.

Tọ́lá_Ìṣẹ́yìn
Ẹ ṣé sà, àmọ́ a ò gbin ìrẹsì, koríko ẹ̀yìnkùlé lásán ni wọ́n ń jẹ. Orúkọ wọn ni mo ń wá.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Tọ́lá, o kú iṣẹ́, fótò yìí dáa ju èyí tí mo máa ń rí níbí lọ. Brọ́ńsì máníkìn ni wọ́n. Tẹ `Spermestes cucullata` síbi ìwákiri, wàá rí wọn rẹpẹtẹ. Oríṣi ẹyẹ kan ṣoṣo ni àwọn márùn-ún tó hàn yẹn, a máa padà sórí ẹ̀kẹfà.

Alàgbà, ẹ má bínú sí mi o. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ẹ̀ga, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n ti máníkìn ò rí bẹ́ẹ̀. Akọ àti abo wọn ò yàtọ̀ lójú, orí dúdú kan náà, ẹ̀yìn eléérú kan náà, inú funfun kan náà, ìlà wínníwínní kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Èyí tó ń kọrin tó ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn lórí ẹ̀ka, akọ ni, torí akọ nìkan ló ń kọrin, àmọ́ fótò kì í kọrin, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bá yín sọ akọ nínú àwọn mẹ́ta yẹn, kódà tí fótò náà bá mọ́ ju báyìí lọ.

Àwọn búráùn méjì yẹn, ọmọ ni wọ́n. Ọmọ tó ti kúrò nínú ìtẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì pa ìyẹ́ dà sí ti àgbà.

Alàgbà_Olókè
Àńtí, mo ti gbọ́, àmọ́ mi ò tíì gbà. Ta ló sọ pé ọmọ ni? Wọ́n tóbi bí àwọn yòókù. Ọmọ ẹyẹ tí èmi mọ̀, ìhòòhò ni, ó ń ya ẹnu gbàgà.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Ìyẹn ọmọ inú ìtẹ́ ni, sà. Ẹyẹ kékeré báyìí, kó tó fò jáde nínú ìtẹ́ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ìyá rẹ̀, ìrù nìkan ló máa ń kúrú díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Títóbi ò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí rárá, ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà gan-an nìyẹn, wọ́n á ní “ó tóbi bí èkejì, àgbà ni”, ó wá ku kí wọ́n pè é ní abo.

Mo súùmù sórí àwọn méjèèjì, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Èyí tó wà lápá òsì, àgógó rẹ̀ dúdú látòkè délẹ̀. Ẹ wá wo àwọn olórí dúdú, àgógó òkè wọn dúdú, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ eérú tó fà sí búlúù, àwọ̀ méjì ni. Ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára máníkìn, torí ó máa ń hàn kódà nígbà tí ara ẹyẹ bá bọ́ sí òjìji. Ẹ̀gbẹ́ ìhà rẹ̀ náà ò ní ìlà kankan, inú rẹ̀ ò funfun, ó pọ́n ràkọ̀ bíi yẹ̀ẹ̀pẹ̀. Tẹ́ ẹ bá súùmù dáadáa, igun ẹnu rẹ̀ ní nǹkan funfun kékeré tó wú síta. Ibi tí òbí ń wò nínú òkùnkùn ìtẹ́ láti mọ ibi tó máa fi oúnjẹ sí nìyẹn, kì í pẹ́ lọ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde. Nítorí náà ọmọ yìí ò tíì pẹ́ níta.

Èkejì, tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ti dàgbà jù ú lọ. Àgógó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń di eérú, igun ẹnu ti mọ́, ọ̀fun rẹ̀ sì ti ní ìyẹ́ dúdú mélòó kan tó tò wúruwùru. Alàgbà, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Tí búráùn bá jẹ́ àwọ̀ abo, kí ni ìyẹ́ dúdú ń wá lọ́fun rẹ̀? Ẹyẹ yìí ń lọ síbi orí dúdú ni.

Kámẹ́rà_Bọ̀ì
Ẹ jọ̀ọ́, níbi tí Àńtí ti mẹ́nu kan súùmù yẹn, Tọ́lá dákun fi fótò gidi ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tó ti gba inú WhatsApp kọjá. Ó hàn pé ó ti gbabẹ̀, ìlà ẹ̀gbẹ́ ìhà àwọn olórí dúdú yẹn ti yọ́ pọ̀ di eérú. WhatsApp máa ń fún fótò pọ̀ kó lè yára lọ, àwọn nǹkan wínníwínní ló sì kọ́kọ́ ń pa rẹ́, ìlà ara ẹyẹ gan-an ni. Tó o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ níbẹ̀, má lo ibi fótò, tẹ `Document` kó o wá mú fáìlì náà, bó ṣe wà lórí fóònù ẹ ló máa dé.

Ìkejì, oòrùn wà lẹ́yìn àwọn ẹyẹ yẹn. Gbogbo ẹyẹ tó lóòrùn lẹ́yìn ló máa ń dúdú. Tó bá jẹ́ àárọ̀ ni fèrèsé ẹ ń kọjú sóòrùn, dúró di ìrọ̀lẹ́.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe sọ ọ́ lọ. Máníkìn àgbà ní àbàwọ́n kan léjìká tó ń dán bíi ìgò àwọ̀ ewé, orí rẹ̀ náà máa ń dán díẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀yìn wá, dídán yẹn á kú, ẹ ò ní rí ju dúdú lọ. Ẹnìkan á wá sọ pé “tèmi ò ní àwọ̀ ewé léjìká, abo nìyẹn.” Rárá o, ìmọ́lẹ̀ ni. Ọmọ ni kò ní àbàwọ́n yẹn rárá, àgbà tí kò bá hàn lára ẹ̀ nínú fótò kan, ẹ dúró kó yí ara padà kẹ́ ẹ tún yà á.

Tọ́lá_Ìṣẹ́yìn
Mo ti fi fáìlì gidi sókè báyìí, ẹ wò ó. Áà, ìlà yẹn ti jáde lóòótọ́! Ìlà funfun àti búráùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà àwọn olórí dúdú, àwọn búráùn méjì ò ní in.

Alàgbà_Olókè
Ó dáa, ẹ jẹ́ n béèrè ọ̀rọ̀ kan, torí èmi kì í gba nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀ga tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, igi ọ̀pẹ ilé wa kún fún un. Tí àsìkò ìtẹ́ bá ti kọjá, àwọn akọ yẹn gan-an máa ń pàdánù orí dúdú wọn, wọ́n á wá rí bí abo. Tó bá tún yá, dúdú á máa jáde wúruwùru lójú wọn. Ta ló wá sọ fún mi pé ẹyẹ búráùn tó ní ìyẹ́ dúdú lọ́fun yìí kì í ṣe akọ àgbà tó ń pààrọ̀ aṣọ?

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Ìbéèrè yìí ló dára jù níbí láti àárọ̀. Ẹ̀ga ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, akọ ẹ̀ga lásìkò tí kò sí ìtẹ́ máa ń rí bí abo débi pé fótò ẹyọ kan lè má yanjú ẹ̀. Ohun tí mo máa ń wò nínú ẹ̀ga ni ojú, ẹyinjú akọ àgbà pupa, ti ọmọ búráùn. Abo àgbà máa ń wà láàrin, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi ojú nìkan dájọ́ láàrin akọ àti abo, ọmọ ni mo fi ń yọ kúrò.

Máníkìn ò ní aṣọ àsìkò ní tiẹ̀. Tó bá ti di olórí dúdú, olórí dúdú ni títí tó fi máa kú, òjò o ẹ̀ẹ̀rùn o. Nítorí náà máníkìn tí dúdú rẹ̀ bá rí wúruwùru, ọmọ tó ń dàgbà ni. Ẹ̀rí kejì wà lẹ́nu rẹ̀. Àgógó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń yí díẹ̀díẹ̀ láti dúdú sí eérú.

Alàgbà_Olókè
Hùn. Ẹ jẹ́ n tún béèrè. Máníkìn yìí kọ́ ìtẹ́ sórí igi ọsàn mi lọ́dún tó kọjá, ìtẹ́ roboto bíi bọ́ọ̀lù tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo máa ń rí èyí tó ń wọlé lọ sàba, olórí dúdú ni. Ìyẹn ni pé abo olórí dúdú wà nìyẹn, mo gbà. Ó ku èyí tó dúró síta, òun lakọ.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Ẹ ti gbé e dé ìdajì, sà. Akọ àti abo máníkìn jọ ń sàba ni, wọ́n ń gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Èyí tó wọlé láàárọ̀ lè jẹ́ ìyá, èyí tó wọlé lọ́sàn-án bàbá. Tó bá tún dalẹ́, wọ́n lè jọ wọlé lọ sùn, kódà tí kò bá sẹ́yin ńbẹ̀, wọ́n máa ń kọ́ ìtẹ́ tí wọ́n kàn ń sùn sí. Inú ìtẹ́ ò lè sọ ẹni tó jẹ́ abo fún wa nínú oríṣi yìí. Ti ẹ̀ga yàtọ̀, akọ ló ń hun ìtẹ́, abo ló ń sàba.

Adé_Hiúsìtìn
Ẹ káàárọ̀ láti Hiúsìtìn o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ mo wá ń rẹ́rìn-ín, torí nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí mi níbí. Ẹyẹ kan wà tó ń wá síbi oúnjẹ ẹyẹ tí mo so mọ́ igi, búráùn tó rẹwà, àyà rẹ̀ sì ní ìpẹ́ ìpẹ́ bí ara ẹja. Pẹ̀lú wọn ni àwọn kan tó búráùn lásán láìní ìpẹ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé akọ mẹ́rin, abo mẹ́fà. Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti Ìṣẹ́yìn?

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Kì í ṣe ọ̀kan náà, Adé, àmọ́ ìbátan ni. Tẹ `Lonchura punctulata` kó o wò ó. Ìlú àwọn ará Éṣíà ló ti wá, àwọn tí wọ́n ń tà sínú ilé ẹyẹ ló sá jáde, wọ́n sì ti gbilẹ̀ ní Hiúsìtìn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà dàgbà, akọ àti abo jọra, ọmọ ni kò ní ìpẹ́ láyà. Nítorí náà “abo mẹ́fà” tó o kọ yẹn, ọmọ mẹ́fà ni, tí gbogbo wọn bá rí lásán lóòótọ́. Tó o bá rí èyí tó ní ìpẹ́ lápá kan tí kò ní lápá kejì, má pè é ní abo àgbà o, ó ń dàgbà ni.

Adé_Hiúsìtìn
Á à, ìyẹn ni pé ọmọ ju àgbà lọ lẹ́nu oúnjẹ mi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ológoṣẹ́ ńkọ́? Ológoṣẹ́ tibí, akọ ní dúdú lọ́fun, abo ò ní. Mo wá padà sílé ní Kérésì, gbogbo ológoṣẹ́ ilé wa ní Ìlọrin ló rí bákan náà, kò sí ẹyọ kan tó ní dúdú lọ́fun. Mo ní bóyá akọ wọn ti kú tán ni 😂

Mọrẹ́nikẹ́_Ọ̀yọ́
😂😂 wọ́n kú tán kẹ̀.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Ológoṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ti Hiúsìtìn, `Passer domesticus`, ọ̀tọ̀ ni tiwa olórí eérú, `Passer griseus`. Tiwa, akọ àti abo jọra. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ oríṣi ẹyẹ náà ná kí wọ́n tó béèrè akọ tàbí abo, torí nínú oríṣi míì ìbéèrè yẹn ò ní ìdáhùn lójú fótò, nínú òmíì sì rèé ìdáhùn wà gbangba.

Mọrẹ́nikẹ́_Ọ̀yọ́
Àńtí, èmi wá ní èyí tí ìdáhùn ẹ̀ ò gbangba fún mi. Àwọn ẹyẹ pupa wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ́ tó ń ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀ níwájú ilé ìdáná wa, bàbá mi máa ń pè wọ́n ní olongo. Mẹ́ta ló wà nínú fótò mi. Ọ̀kan pupa fòò, ọ̀kan búráùn, ọ̀kan tún búráùn. Lẹ́yìn ohun tẹ́ ẹ sọ yìí mo ní ó tán, pupa làgbà, búráùn méjèèjì ọmọ ni, kò séyìí tó ń jẹ́ abo.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Rọra o Mọrẹ́nikẹ́ 😄 ibí ni ọ̀rọ̀ Alàgbà ti bá a mu. Èyí tó wà nínú fótò ẹ, `Lagonosticta senegala` ni, akọ àti abo ẹ̀ yàtọ̀ síra gidi. Akọ ló pupa fòò. Nínú búráùn méjèèjì, wo èyí tó sún mọ́ ìkòkò. Àgógó rẹ̀ ní pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní pupa díẹ̀ láàrin ojú àti àgógó, pẹ̀lú tótótó funfun kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà. Abo àgbà nìyẹn. Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀, àgógó dúdú, kò ní pupa lójú, kò ní tótótó, ibi òkè ìrù nìkan ló pupa. Ọmọ nìyẹn, a ò sì lè mọ̀ bóyá akọ ló máa dà.

Ṣé o rí i pé àgógó náà la tún fi mọ̀ ọ́n? Nínú ìdílé ẹyẹ tó ń jẹ èso koríko yìí, ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgógó dúdú, àwọ̀ rẹ̀ á wá máa jáde bó ṣe ń dàgbà. Kó o ṣọ́ra ṣá, pupa tó wà láàrin ojú àti àgógó abo yẹn ò ju orí abẹ́rẹ́ díẹ̀ lọ, fótò tí kò mọ́ á jẹ ẹ́ run pátá, abo á wá dà bí ọmọ. Tí fótò ò bá mọ́, wo àwọ̀ àgógó kó o fi ojú sílẹ̀.

Alàgbà_Olókè
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí pé mo ní òótọ́ kan nínú.

Kámẹ́rà_Bọ̀ì
Ẹni tó ń ya eléyìí pẹ̀lú fóònù, ẹ má tan fláàṣì o. Fláàṣì máa ń fọ pupa kúrò, ó tún ń mú kí àgógó tó ń dán hàn bí èyí tó funfun. Ẹ tẹ ìka sójú ẹyẹ náà lórí skirín kí fóònù lè fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ díwọ̀n ibẹ̀, kì í ṣe ògiri funfun ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ sì ya tó mẹ́wàá léraléra, ọ̀kan á mú ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan á mú ẹ̀yìn.

Olóko_Ìwó
Ẹ ń ya fótò olè. Tó bá dé oko yín ẹ máa mọ akọ.

Tọ́lá_Ìṣẹ́yìn
Ẹ̀kẹfà ńkọ́? Mo tún rí fótò míì tó ti yí orí díẹ̀, mo gé e wá. Ewé ṣì bo ẹnu ẹ̀. Búráùn lásán ni, àmọ́ ó dà bíi pé ó gùn ju àwọn yòókù lọ, ìrù ẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì ní nǹkan tó mọ́lẹ̀ lókè ojú.

Alàgbà_Olókè
Wáídà nìyẹn. Ẹyẹ tí akọ rẹ̀ ń gbé ìrù gígùn kiri. Abo rẹ̀ nìyẹn.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Tọ́lá, ǹjẹ́ o ti rí ẹyẹ dúdú àti funfun kan tó nírù gígùn, àgógó pupa, ládùúgbò yẹn?

Tọ́lá_Ìṣẹ́yìn
Bẹ́ẹ̀ ni o! Orí wáyà NẸ́PÀ ló máa ń wà, alákatakítí ni, ó máa ń lé gbogbo ẹyẹ tó bá sún mọ́ ibi oúnjẹ. Ìparí oṣù kẹjọ ni mo rí i kẹ́yìn.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Akọ wáídà nìyẹn, `Vidua macroura`. Alàgbà lè ní òótọ́ pé ìdílé wáídà ni, àmọ́ abo àgbà kọ́ ni. Abo wáídà ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ lẹ́yìn, pẹ̀lú ìlà dúdú méjì tó hàn lórí. Ẹyẹ Tọ́lá yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ hàn dáadáa, kò ní ìlà kankan. Tó bá jẹ́ wáídà, ọmọ ni. Wáídà kì í kọ́ ìtẹ́, inú ìtẹ́ àwọn ẹyẹ tó ń jẹ èso koríko ló ń yé sí, àwọn yẹn ló ń bá a tọ́ ọmọ, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu tí ọmọ wáídà bá ń tẹ̀ lé irú agbo báyìí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé máníkìn kejì wà ní ìhà wa, oníbátànì dúdú àti funfun, `Spermestes bicolor`, ọmọ tòun náà búráùn lásán ni. Ọmọ máníkìn méjèèjì jọra dé ibi pé àgbà tó bá wọn rìn la sábà fi ń mọ̀ wọ́n. Ohun tó máa yà wáídà sọ́tọ̀ ni ẹnu. Àgógó máníkìn nípọn, ó ga láti ìdí, ti wáídà tínrín jù ú lọ. Ẹnu yẹn gan-an sì ni ewé bò.

Alàgbà_Olókè
Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ó gùn ju máníkìn lọ, ìrù ẹ̀ gùn, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀, bàbá ẹ̀ wà lórí wáyà. Kí lẹ tún ń retí, ìwé ìbí?

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
😂 Alàgbà, èmi náà ń fì síbẹ̀. Máníkìn bíi sẹ̀ǹtímítà 9 ni, wáídà láìka ìrù gígùn akọ mọ́ ọn tó bíi 12, ìyàtọ̀ yẹn máa ń hàn tí wọ́n bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àmọ́ ẹyẹ yẹn sún mọ́ kámẹ́rà ju àwọn yòókù lọ, gbogbo ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló máa ń tóbi. Mi ò lè fi gígùn nìkan sọ ọ́.

Tọ́lá, tó o bá máa fi sórí eBird, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀, lábẹ́ orúkọ ẹyẹ náà, tẹ `Add Details`, wàá rí téébù ọjọ́ orí àti akọ-n-bábo. Fi 3 sí ibi `Adult` lábẹ́ `Sex Unknown`, kó o fi 2 sí ibi `Juvenile` lábẹ́ `Sex Unknown` bákan náà. Má kọ `Female` síbẹ̀ torí pé wọ́n búráùn o. Ẹ̀kẹfà, yọ ọ́ kúrò nínú iye máníkìn.

Tọ́lá_Ìṣẹ́yìn
Mo ti ṣe é, márùn-ún ni mo kọ. Tí wọ́n bá tún wá lọ́la mo máa dúró lápá kejì ilé, oòrùn á wà lẹ́yìn mi.

Alàgbà_Olókè
Kọ wáídà síbẹ̀, ọmọ mi.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Tọ́lá, ya ẹnu ẹ̀ wá ná.

Mọrẹ́nikẹ́_Ọ̀yọ́
Èmi ṣì ní ìbéèrè kan o. Ọmọ olongo mi yẹn tí àgógó ẹ̀ dúdú, ó tó oṣù mélòó kí pupa tó jáde? Mo fẹ́ máa ṣọ́ ọ.

Àńtí_Ẹlẹ́yẹ
Má fi oṣù kà á, ìgbà tí wọ́n bí i kálukú ni. Ṣọ́ àgógó, pupa á kọ́kọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìlà, tó bá jẹ́ akọ, ìyẹ́ pupa á máa hù lójú àti ọ̀fun lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá rí i pé àgógó ti pupa, tí ara ṣì búráùn, tí tótótó funfun ti jáde, abo ni.